Sáṣẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀rá omi méjì: ohun tí ṣúgà ń bá iyọ̀ ṣe nínú ìfun ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Èkìtì, tí àgbàrá ń gbé ìdọ̀tí wọnú kànga àti odò, ìbéèrè kan wà tí kì í tán létí àwọn nọ́ọ̀sì ní héèlì sẹ́ńtà, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀mùò. Ìyá á gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wá. Wọ́n á fún un ní ìyẹ̀fun funfun inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ORS sí lára, wọ́n á ní kó lọ pò ó mọ́ omi. Nígbà tó bá gbọ́ pé iyọ̀ àti ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí ni? Ọmọ tí ìdí rẹ̀ ò dá láti àná, ṣé ṣúgà ni kí n tún máa fún un?”

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó bá sì kàn dáhùn pé “ẹ ṣáà fún un, oògùn ni” kò ran ìyá náà lọ́wọ́, torí pé tó bá délé, á dín in kù, tàbí kó fi omi díẹ̀ pò ó kó lè “lágbára.” Ìdáhùn tó yẹ ni pé ṣúgà inú ORS kò sí níbẹ̀ fún adùn, kò sì sí níbẹ̀ fún okun. Ẹni tó ń sin iyọ̀ wọlé ni. Iyọ̀ ló sì ń fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń rìn pọ̀ á mọ ìdí tí ìwọ̀n omi fi jẹ́ apá kan oògùn náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹni tó bá ti fọ́n iyọ̀ sí ẹja tútù nínú abọ́ kó tó dín in á ti rí i pé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, omi á ti sun sísàlẹ̀ abọ́. Kò sẹ́ni tó bu omi síbẹ̀. Iyọ̀ tó wà lóde ẹja ló fa omi inú ẹran jáde. Bí omi ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo nínú ara: ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ ló ń lọ. Ìfun kò ní ọwọ́ tí ó lè fi gbá omi mú kó fà á wọnú ẹ̀jẹ̀. Tó bá fẹ́ kí omi wọlé, iyọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé wọlé, kí omi tó tẹ̀ lé e.

Inú ìfun kékeré kò tẹ́jú. Ó dà bí aṣọ ìnura tuntun tí fọ́nrán rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, fọ́nrán tó kéré débi pé èèyàn ní láti fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo fọ́nrán wọ̀nyí ló ń gba oúnjẹ àti omi. Ara wọn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké, oríṣiríṣi ni wọ́n, kálukú sì ní ohun tó ń gbà wọlé. Nígbà tí ara bá le, iyọ̀ lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá. Àìsàn ló ń da ètò náà rú.

Onígbáméjì ló fi èyí hàn jù. Májèlé tí kòkòrò rẹ̀ ń tú jáde máa ń ti ilẹ̀kùn kan tí iyọ̀ ń gbà wọlé, á sì ṣí òmíràn sílẹ̀ gbayawu láti inú lọ sóde. Kúlóráìdì, tí í ṣe ìdajì iyọ̀, á máa tú láti inú sẹ́ẹ̀lì sínú ìfun. Sódíọ̀mù, ìdajì kejì, á tẹ̀ lé e, omi á tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Ohun tó máa jáde nídìí aláìsàn á wá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Bí ẹ bá fún un ní omi lásán ní àkókò yẹn, kò sí ohun tó máa fà á wọnú ẹ̀jẹ̀, torí náà apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ á gba ìdí jáde. Bí ẹ bá fún un ní omi iyọ̀ nìkan, ìyẹn náà á jáde, nítorí ilẹ̀kùn iyọ̀ ti tì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tí májèlé náà kò lè tì. Àwọn onímọ̀ ń pe ìlẹ̀kùn yẹn ní SGLT1. Ìwà rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀: kì í gba sódíọ̀mù tó bá dá wá, kì í sì í gba gúlúkóòsì, irú ṣúgà tó wà nínú ORS, tó bá dá wá. Ẹyọ sódíọ̀mù méjì àti ẹyọ gúlúkóòsì kan gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀ pa pọ̀, kó tó yí, kó sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ká sọ pé ọlọ́kọ̀ kan ní gáréèjì Adó-Èkìtì ti búra pé èrò méjì pẹ̀lú ẹrù kan lòun máa gbé, pé bí kò bá pé òun ò ní kúrò lójú kan. Gúlúkóòsì ni ẹrù yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, sódíọ̀mù á dúró síta títí, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì náà, lápá ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ̀rọ kan tún wà tó ń fa sódíọ̀mù jáde sínú ara láìsinmi: ẹyọ mẹ́ta ló ń tì jáde, á sì gba pòtásíọ̀mù méjì wọlé dípò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni kì í jẹ́ kí sódíọ̀mù pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdí sì nìyẹn tí ebi rẹ̀ fi ń pa sẹ́ẹ̀lì náà nígbà gbogbo, tí ilẹ̀kùn iwájú kò fi ń yé fà. Gúlúkóòsì náà á gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì bá ti kọjá, omi á tẹ̀ lé wọn bó ṣe tẹ̀ lé iyọ̀ orí ẹja.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Crane ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìrìn-pọ̀ sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì yìí fáyé gbọ́, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Prague lọ́dún 1960. Nígbà tó di 1968, dókítà méjì, David Nalin àti Richard Cash, fi hàn ní ìlú Dhaka, tó wà ní Bangladesh lónìí, pé aláìsàn onígbáméjì lè fi ẹnu mu omi tí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì sí, kí dírípù tó nílò sì dín kù gidigidi. Ìdánwò tó le jù dé lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh. Dírípù tán nínú àgọ́ àwọn asásàálà ní Bongaon lórílẹ̀-èdè India. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì sínú àgbá omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa bù ú fún wọn mu. Nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń kú tẹ́lẹ̀; láàárín àwọn tó mu omi yẹn, kò pé 4 nínú 100. Àwọn tó ń bu omi náà kì í ṣe dókítà o. Ìyá, àbúrò àti ọkọ ni wọ́n.

Kì í ṣe onígbáméjì ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wa. Kòkòrò rótà ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń le lára ọmọdé, òun náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́dún 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń kán an sí. Ọ̀nà tí rótà ń gbà jà yàtọ̀. Kì í ti ilẹ̀kùn, orí fọ́nrán ìfun gan-an ló máa ń ba jẹ́, ilẹ̀kùn SGLT1 á sì dín kù. Ṣùgbọ́n kì í ba gbogbo ìfun jẹ́ tán. Ó ń ba ibí jẹ́, ó ń fo ibẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó fò sílẹ̀ yẹn tó láti fi gba omi wọlé, bí omi náà bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ṣíbí fi dára ju ife lọ, a máa padà sórí ìyẹn.

Wàyí o, kí ló wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì? Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń júwe fún omi lítà kan jẹ́ gíráàmù 20.5 lápapọ̀: gúlúkóòsì gíráàmù 13.5, iyọ̀ ìsebẹ̀ gíráàmù 2.6, sítíréètì gíráàmù 2.9, àti iyọ̀ pòtásíọ̀mù gíráàmù 1.5. Sítíréètì ń bá kíkan tó gba inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Pòtásíọ̀mù ń dí àlàfo èyí tó bá ìgbẹ́ lọ. Ọmọ tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ bá lọ tán máa ń rọ̀ jọwọlọ, ikùn rẹ̀ á sì wú. Tí ẹ bá pò wọ́n mọ́ omi lítà kan géérégé, sódíọ̀mù inú rẹ̀ á jẹ́ mílímóòlù 75, gúlúkóòsì náà á jẹ́ 75; iye ẹyọ ni mílímóòlù ń kà, kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá ń fojú ṣọ́nà á ní ṣebí méjì sí ẹyọ kan lẹ ní ilẹ̀kùn yẹn ń gbé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tó ti tú sínú ìfun látinú ara ọmọ ní sódíọ̀mù nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní láti ti inú ife wá.

Tí ẹ bá ro gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi náà pọ̀, 245 ni. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ nǹkan bí 290. Omi inú ife fẹ́lẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀, fún ìdí èyí, ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń sá lọ. Kó tó di ọdún 2002, èyí tí wọ́n ń lò nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 311 ni. Wọ́n dín in kù nítorí pé àwọn ọmọ tó mu èyí tó fẹ́lẹ́ kì í yàgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í bì tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì nílò dírípù láàárín wọn dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa rèé. Píọ̀ wọ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń po ORS. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ààbọ̀ lítà. Ìyá á já sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú ọ̀rá kan, á rò ó pé “ọ̀kan sí ọ̀kan” ni. Ohun tó pò yẹn ti di ìlọ́po méjì: 245 ti di 490. Sódíọ̀mù 75 ti di 150, ó ti ju ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ. Omi inú ìfun wá nípọn ju ẹ̀jẹ̀ lọ gan-an, ọ̀rọ̀ ẹja àti iyọ̀ tún dé: dípò kí omi wọlé, ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sínú ìfun. Ìgbẹ́ á pọ̀ sí i, ìyá á ní “mo ti sọ, ṣúgà yẹn ló dá a sílẹ̀.” Èyí tí sódíọ̀mù rẹ̀ bá sì rí ọ̀nà wọlé á gbé iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa sunkún òùngbẹ ṣáá bó tilẹ̀ ń mu, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, ó sì lè di gìrì.

Àṣìṣe kejì ni ti ẹni tó já sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin kó lè tó gbogbo ọmọ ilé. Ìyẹn kì í pa ọmọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kéré jù, kò lè dí èyí tó ti lọ. Ẹlẹ́kẹta ni ẹni tó fojú pín ìyẹ̀fun sí méjì, tó po ìdajì lónìí, tó fi ìdajì pamọ́. Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ìyẹ̀fun náà, wọn kì í pín dọ́gba nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Ìdajì kan lè ní iyọ̀ ju èkejì lọ. Ẹ pò ó tán pátápátá, kí ẹ wá máa bu omi rẹ̀ lò.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ka ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ná, torí àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ ti omi tó kéré ju lítà lọ. Bí ó bá jẹ́ ti lítà kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì ló ń gbà, tàbí ike omi sẹ̀ǹtílítà 50 méjì. Ike dára ju ọ̀rá lọ fún ìwọ̀n, nítorí àwọn ọ̀rá míì wà tí omi inú wọn kò pé iye tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ike ò bá sí nílé, ẹ ra ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi pamọ́ fún wíwọn. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tí ẹ ti fọ̀ gé etí ọ̀rá omi. Ẹ má fi eyín ya á, torí ẹnu yín àti ìdọ̀tí ara ọ̀rá ló máa bá omi wọlé. Bí ó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi òjò, ẹ sè é kó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó da ìyẹ̀fun sí i. Ẹ rò ó títí tí kò fi ní sí ìyẹ̀fun kankan nísàlẹ̀ mọ́. Ẹ má tún gbé e kaná lẹ́yìn pípò, torí omi á fà, èyí tó kù á sì nípọn. Ẹ má fi ṣúgà, mílíìkì tàbí ọsàn kún un. Ẹ dé e. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyókù nù, kí ẹ po òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọmọ kan, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ oṣù mọ́kànlá ni, kílò 8 ló wọ̀n. Ó ti yàgbẹ́ omi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láti òwúrọ̀, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ ti jìn díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ife síwájú rẹ̀, ó ń fà á tìpátìkúùkù. Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ó fi í sílẹ̀. Awọ náà padà, ṣùgbọ́n kò padà kíákíá. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti dín kù nìyí, àmọ́ kò tíì dé ibi tó ń dẹ́rù bani. Iye omi tó ti lọ lára ọmọ tó bá wà nípò yìí sábà máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Fún kílò 8, mílílítà 400 sí 800 ni. Omi bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ti gba ìdí ọmọ tó kéré báyẹn jáde láàárín ọjọ́ kan.

Ìṣirò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ni mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan, láàárín wákàtí mẹ́rin, ní héèlì sẹ́ńtà níbi tí wọ́n ti lè máa wò ó. 75 lọ́nà 8 jẹ́ 600. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, ìyá á ní “ọmọ yìí ò lè mu ún tán.” Ṣùgbọ́n ẹ pín in: 150 fún wákàtí kan. Ṣíbí tíì kan jẹ́ mílílítà 5. Ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ọgbọ̀n ṣíbí láàárín wákàtí kan, 150 náà nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìyá á nílò ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìfun tí fọ́nrán rẹ̀ kù díẹ̀ gan-an ló ń gba èyí dáadáa, ikùn tó ń ru kì í sì í bì í bó ṣe ń bi èyí tí wọ́n dà sí i lẹ́nu ní ife kíkún. Bí ọmọ bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kí ó rọra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró láàárín rẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Kì í ṣe ìgbẹ́ ni ká máa kà, torí ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Ohun tó lọ ló ń dá padà, ìgbẹ́ sì lè bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìtọ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ tó ti tọ̀, tí ojú rẹ̀ ti padà, tí omijé ń jáde nígbà tó bá ń sunkún, omi ti wọ ara rẹ̀. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá wá wú, ó ti mu ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ dá ORS dúró díẹ̀, kí ẹ fún un lọ́mú àti omi lásán. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ máa fún un ní mílílítà 50 sí 100, ìyẹn ṣíbí 10 sí 20, lẹ́yìn ìgbẹ́ omi kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì á mu 100 sí 200. Ẹ fi hóró síǹkì kún un: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Inú ṣíbí pẹ̀lú omi díẹ̀ tàbí omi ọmú ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìgbẹ́ bá dá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jáwọ́ nínú síǹkì, bẹ́ẹ̀ ìfun ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí sáṣẹ́ẹ̀tì ò bá sí nítòsí ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà ṣì rántí ẹ̀kọ́ àtijọ́: ìgò ọtí bíà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60, ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá, iyọ̀ ṣíbí kan. Ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn ti di ewu ni ṣíbí. Ṣíbí onímílílítà 3 ni wọ́n fi ń kọ́ni nígbà náà, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé sì jẹ́ 5. Iyọ̀ ṣíbí onímílílítà 5 kan, tó tẹ́jú, jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 6. Nínú omi sẹ̀ǹtílítà 60, ó ti di gíráàmù 10 fún lítà kan. Ọmọ kékeré ò gbọ́dọ̀ mu irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣeé fọkàn tán ni: omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú. Ṣíbí tó bá gègé lè gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un pò. Inú omi yìí, kò sí pòtásíọ̀mù, kò sí sítíréètì. Ohun tí à ń fi dí ọ̀nà ni, títí sáṣẹ́ẹ̀tì yóò fi dé. Fún ọmọ tó ti ń jẹun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ lọ̀ fún un lè dá díẹ̀ nínú pòtásíọ̀mù padà, ẹ̀kọ mímu tí ẹ fi iyọ̀ bíńtín sí náà wúlò, torí àgbàdo inú rẹ̀ ń di gúlúkóòsì nínú ìfun.

Èyí tí kò yẹ kó sún mọ́ ọmọ nígbà yìí ni mínírà, málítì, àti gúlúkóòsì inú agolo tí wọ́n pò fún “okun.” Ṣúgà inú wọn pọ̀ rẹpẹtẹ, sódíọ̀mù inú wọn kò tó nǹkan. Ẹrù pọ̀ ní gáréèjì, kò sí èrò. Ṣúgà tí kò rí ọ̀nà wọlé á dúró sínú ìfun, á máa fa omi sọ́dọ̀. Níbí, ẹ̀rù tí ìyá yẹn ń bà nípa ṣúgà tọ̀nà pátápátá. Bákan náà ni hóró tí ń dá ìgbẹ́ dúró tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì: ìfun ló ń so mọ́lẹ̀, kì í dá omi padà, ó sì léwu fún ọmọ kékeré. Fílájìlì kò lè pa kòkòrò rótà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó sọ oògùn tó tọ́. “Eyín ló ń yọ” ni gbólóhùn tó máa ń jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wọn omi kankan. Bí eyín bá ń yọ o, bí kò yọ o, omi tó bá ìgbẹ́ lọ ṣì gbọ́dọ̀ padà.

Àwọn ọmọ kan wà tí ṣíbí ò ní tó fún. Nínú àwọn kan, rótà ti ba fọ́nrán ìfun jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ORS tí ẹ pò dáadáa bá ń wọlé, tí ìgbẹ́ omi ń pọ̀ sí i gidigidi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó mu ún, tí òùngbẹ kò sì dín kù, ìfun náà kò lè gba gúlúkóòsì mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tó ti rù kan eegun tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nítorí àìjẹunre kò gbọ́dọ̀ mu ORS yìí ní ìwọ̀n tí a kọ sókè. Ilé ìwòsàn ní èyí tí sódíọ̀mù rẹ̀ kéré fún irú wọn.

Èyí tí kò gba ìṣẹ́jú kan ni ọmọ tó ti ń sùn lọ tí kò ṣeé jí, tí kò lè mu mọ́, tí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti wọlé, tí awọ ikùn rẹ̀ dúró bí ẹ bá fi ìka méjì fún un, tó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó padà. Dírípù ni tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní Adó-Èkìtì, ọ̀kan sì wà ní Ìdó-Èkìtì, ṣùgbọ́n láti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọ̀nà náà kò kúrú. Bí ọmọ bá ṣì ń gbé mì lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ike ORS àti ṣíbí, kó máa kán an sí i lẹ́nu títí wọn ó fi dé. Bí kò bá gbé mì mọ́, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ.